Ilẹ̀kùn 3389 Tí A Ṣí Sí Ìgboro

 A mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ó ń sùn ní Ṣájà nítorí pé owó ilé ibẹ̀ rọ ọmọ ilé-ìwé lọ́rùn díẹ̀, tí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ wọn sì wà ní Dùbáì Sílíkọ́ọ̀nù Oásíìsì. Ẹni tí ó bá ti bá ara rẹ̀ lójú títì E311 ní agogo méje àárọ̀ yóò mọ ìdí tí èrò kan fi máa ń wá sí ọkàn irú wa. Èrò náà ni pé: kọ̀ǹpútà ńlá mi tí ó ń ṣe ìṣirò iṣẹ́ ìwádìí mi wà ní Oásíìsì lọ́hùn-ún, kí ló dé tí n kò lè jókòó sí yàrá mi ní Ṣájà, kí n máa lò ó bí ẹni pé mo wà níwájú rẹ̀?

Èrò náà kò burú. Wíńdòòsì ti ní ohun èlò fún un láti ìgbà pípẹ́, orúkọ rẹ̀ tí ẹ óò rí lójú kọ̀ǹpútà ni `Remote Desktop`. Ẹni tí ó ní Wíńdòòsì oníṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní `Pro`, yóò kàn tan bọ́tìnnì kan ni, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí àlejò lẹ́nu ilẹ̀kùn kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3389. Títí dé ibí yìí, kò tí ì sí ewu ńlá, nítorí pé inú ilé nìkan ni ilẹ̀kùn náà ṣí sí. Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá lọ sí orí ráútà, tí a sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ìta wá kan ilẹ̀kùn 3389, kí ó mú un tọ kọ̀ǹpútà wa lọ tààrà. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó iṣẹ́ náà. Ohun tí ó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde ni a fẹ́ bá ara wa sọ ní oṣù yìí.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ bi wá níbi ìpàdé pé, "Ẹ̀yin àbúrò mi, ta ni ó tilẹ̀ mọ̀ mí? Ta ni yóò wá kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kan rí nínú gbogbo ayé?" A dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò sí ẹni tí ó ń wá yín. Gbogbo ilé ni wọ́n ń kàn ilẹ̀kùn rẹ̀." Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn. Adírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì ti irú ẹ̀yà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ráútà ilé ṣì ń lò kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ ní gbogbo ayé. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Míṣígàn gbé irinṣẹ́ kan jáde tí a ń pè ní `ZMap`. Bí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà kan bá nípọn tó, irinṣẹ́ yìí lè kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lára gbogbo adírẹ́sì wọ̀nyí láàárín ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ìwádìí ìmọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ olè yàtọ̀ sí olùkọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn yìí ní àárọ̀ kò gbọdọ̀ yà sí i bí àwọn àlejò bá ti ń kàn án kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn kan a máa sọ pé àwọn yí nọ́ńbà ilẹ̀kùn náà padà, wọ́n ní àwọn fi 3389 sílẹ̀ lọ sí 50000 tàbí òmíràn. Èyí dín ariwo kù ni, kò dí ọ̀nà. Ẹni tí ó bá kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé kan yóò gbọ́ ohùn `Remote Desktop` lẹ́yìn èyíkéyìí tí ó bá fara pamọ́ sí, nítorí ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn. Adìyẹ tí ó ti orí bọ inú koríko, tí ìrù rẹ̀ wà níta, ni èyí jọ lójú tiwa.

Kí ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ilẹ̀kùn? Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn kan tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe ìwádìí rẹ̀, tí ó sì tẹ ìwé jáde lé e lórí. Ní ìpínlẹ̀ Kọlorádò ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó ọ̀nà àti ìrìnnà gbé kọ̀ǹpútà kan dìde fún ìgbà díẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe irin tí a lè fọwọ́ kàn, inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni a ti háyà rẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ṣí i sí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ wọn, láìfi ààbò tí wọ́n máa ń fi sára àwọn yòókù sí i. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn jàgùdà rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í méfò ọ̀rọ̀ aṣínà fún orúkọ ìwọlé tí ó wà lára gbogbo Wíńdòòsì, èyíinì ni `Administrator`. Lẹ́yìn bí ẹgbàá lọ́nà ogún ìméfò, ìyẹn 40,000, ilẹ̀kùn ṣí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kọkànlélógún, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn jàgùdà ti rìn láti ara rẹ̀ wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sì tú irú ète kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ tí a ń pè ní `SamSam`. Ohun tí ó máa ń ṣe ni pé yóò ti gbogbo fáìlì pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìṣirò, yóò sì béèrè owó kí ó tó tú wọn sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní láti pa kọ̀ǹpútà tí ó ju 2,000 lọ. Wọn kò san owó ìtúsílẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà ná wọn ní nǹkan tí ó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ wa ṣe ìṣirò 40,000 yìí, nítorí pé òun ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí yàrá wa. Ká ní ẹ̀rọ jàgùdà kò lè gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 40,000 ìṣẹ́jú-àáyá kò ju wákàtí mọ́kànlá àti díẹ̀ lọ. Ẹni tí ó kúrò ní Oásíìsì ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí ó jẹun ní Ṣájà, tí ó sùn, tí ó sì jí ní agogo márùn-ún ìdájí, ti fún wọn ní wákàtí tí wọ́n fẹ́ pé pérépéré. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ irú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Orúkọ ìyàwó àfẹ́sọ́nà àti ọdún tí a bí i, ta ni kò lè méfò rẹ̀?

Wíńdòòsì ní oògùn kan fún èyí, òun náà ni pé kí ó máa ti orúkọ ìwọlé pa fún ìgbà díẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣìnà jù. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Máíkúrósọ́ọ̀fùtì ti jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún `Administrator` pàápàá; kí ó tó di ìgbà náà, orúkọ yẹn kò ṣeé tì pa, òun sì ni jàgùdà mọ̀ jù. Bí a bá ní kí ó tì í pa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn àṣìṣe mẹ́wàá, 40,000 ìméfò yóò gba nǹkan bí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n dípò òru kan. Ó ṣe gudugudu, ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́, àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn kò ní dẹ́kun, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ni a óò máa tì mọ́ta lójoojúmọ́. Èkejì, kò wúlò rárá bí ọ̀rọ̀ aṣínà yín bá ti jáde láti ibòmíràn tí ẹ ti lo ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí pé ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kì í méfò.

Ó tún wà níbẹ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí a kò nílò ọ̀rọ̀ aṣínà rárá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Máíkúrósọ́ọ̀fùtì kéde pé àbùkù kan wà nínú `Remote Desktop` àwọn Wíńdòòsì àtijọ́ bíi Wíńdòòsì 7, tí àlejò lè gbà wọlé kí a tó béèrè orúkọ rẹ̀. `BlueKeep` ni wọ́n ń pe àbùkù náà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni `CVE-2019-0708`. Ó bà wọ́n lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe fún Wíńdòòsì XP pàápàá, èyí tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2014. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò kọjú sí ìgboro lè dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó ṣe àtúnṣe irú èyí. Ẹni tí tirẹ̀ kọjú sí ìgboro kò ní àkókò bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí kò ní fi ọ̀ràn kan pamọ́ nítorí pé ó kan ọmọ ilé wa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó já ilẹ̀kùn ni ó ń lò ó fúnra rẹ̀. Ọjà wà tí wọ́n ti ń ta kọ́kọ́rọ́. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni `xDedic`. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Kaspáskì fi hàn pé kọ̀ǹpútà 70,624 ni ó wà lórí àtẹ níbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè 173, owó èyí tí ó kéré jù sì jẹ́ dọ́là mẹ́fà. Bí ẹni ń ra ẹja ni: oníbàárà lè yan orílẹ̀-èdè, ó lè yan irú Wíńdòòsì, ó sì lè béèrè èyí tí sọ́fítíwíà ìṣirò owó wà lórí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn agbófinró Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ti ọjà náà pa. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kéde òpin ẹjọ́ náà ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n ní ènìyàn mọ́kàndínlógún ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa yìí fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ ìṣirò owó ní Amẹ́ríkà. Ó ń wọlé síbẹ̀, ó ń kó ìwé àwọn oníbàárà wọn, ó sì fi wọ́n béèrè ìdápadà owó orí tí ó ju ọgọ́ta mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà náà lè má mọ̀ ní oṣù púpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ra kọ́kọ́rọ́ kì í fọ́ ìgò. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí nìyí: kì í ṣe fáìlì tirẹ̀ nìkan ni wọ́n lè wá jí. Wọ́n lè gba inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe ìkà sí ẹlòmíràn, kí ó sì jẹ́ pé adírẹ́sì ilé rẹ̀ ní Dùbáì ni ọlọ́pàá yóò rí.

Ó yá, báwo ni a óò ṣe máa lo kọ̀ǹpútà wa láti Ṣájà? Ọ̀nà tí a fẹ́ràn jù ni kí a pa ilẹ̀kùn 3389 dé lórí ráútà, kí a sì gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ kan láàárín lápútọ́ọ̀pù wa àti kọ̀ǹpútà náà. VPN ni wọ́n ń pe irú ihò bẹ́ẹ̀, `WireGuard` sì ni èyí tí ó rọrùn jù nínú wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè méfò. Kọ̀ǹpútà méjèèjì ní kọ́kọ́rọ́ gígùn, èkíní sì mọ ti èkejì. Ilẹ̀kùn kan ni òun náà ń lò, nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 51820, ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ bá kàn án, kò ní dáhùn rárá. Kò ní sọ pé "ta nìyẹn", kò ní sọ pé "ó ṣìnà." Lójú ẹni tí ń kan gbogbo ilé kiri, ògiri lásán ni.

Lórí lápútọ́ọ̀pù tí ó wà ní Ṣájà, apá tí ó ṣe pàtàkì nínú ètò rẹ̀ rí báyìí:

```
[Peer]
PublicKey = <kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà Oásíìsì>
Endpoint = <adírẹ́sì ráútà>:51820
AllowedIPs = 10.8.0.1/32
```

Ẹ wo ìlà ìkẹyìn dáadáa. Ó ń sọ pé ohun tí ó ń lọ sí 10.8.0.1, èyíinì ni kọ̀ǹpútà wa nìkan, ni kí ó gba inú ihò. Gbogbo ìyókù íńtánẹ́ẹ̀tì yín yóò máa gba ọ̀nà tí ó ti ń gbà. A mẹ́nu bà á nítorí òfin ilẹ̀ tí a wà yìí. Òfin nọ́ńbà 34 ti ọdún 2021 lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ fi ẹ̀wọ̀n, tàbí owó ìtanràn láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí mílíọ̀nù méjì dírámù, lé ẹni tí ó bá fi adírẹ́sì tí kì í ṣe tirẹ̀ bojú láti dá ẹ̀ṣẹ̀ tàbí láti bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbí ti ṣàlàyé pé kò sí òfin tí ó dí ilé-iṣẹ́ àti báńkì lọ́wọ́ láti fi VPN wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn. Láti lọ sí ilé ara ẹni nìkan ni ihò tiwa yìí wà fún. Àwọn tí ó ń lo VPN láti fi ṣí ohun tí wọ́n tì pa níbí, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, a kò sì ní bá wọn dá sí i. Bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti yunifásítì tàbí ti ilé-iṣẹ́, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ wọn kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní ọ̀nà tiwọn, tí ó gba ilẹ̀kùn 443, tí ó sì ń béèrè nọ́ńbà orí fóònù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà.

Lẹ́yìn tí ihò bá ti ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún fáyàwọ́ọ̀lù kọ̀ǹpútà Oásíìsì pé kí ó máà gba àlejò `Remote Desktop` kankan bí kò ṣe èyí tí ó bá ti inú ihò wá. Ẹ ṣí `PowerShell` pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, kí ẹ sì tẹ èyí:

```
Set-NetFirewallRule -DisplayGroup "Remote Desktop" -RemoteAddress 10.8.0.0/24
```

Àwọn kan wà tí ilé tí wọ́n ń gbé kò fún wọn láyè láti fọwọ́ kan ráútà, bí ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí onílé ti ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo yàrá. Àwọn wọ̀nyí lè lo `Tailscale`. `WireGuard` náà ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà méjèèjì ni yóò máa jáde lọ pàdé ara wọn, nítorí náà kò sí ilẹ̀kùn tí a ní láti ṣí lórí ráútà rárá. Ohun tí ẹ ń fi dípò rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ kan ni ó ń ṣe alárinà, ìwọlé sí i sì dúró lórí àkáǹtì yín. Ẹ fi nọ́ńbà orí fóònù kún ààbò àkáǹtì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kàn gbé ilẹ̀kùn kúrò níbì kan lọ sí òmíràn ni. Àwọn adírẹ́sì rẹ̀ bọ́ sínú `100.64.0.0/10`, òun sì ni ẹ óò fi rọ́pò nọ́ńbà tí ó wà ní ìparí àṣẹ òkè yìí.

Kí ẹ má baà gbẹ́kẹ̀ lé ìròyìn ẹnu, ẹ dán an wò láti ìta. Ẹ so lápútọ́ọ̀pù mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù yín, kì í ṣe ti ilé. Ẹ pa VPN, kí ẹ sì tẹ:

```
Test-NetConnection <adírẹ́sì ráútà> -Port 3389
```

Bí ìdáhùn bá ní `TcpTestSucceeded : False`, ilẹ̀kùn náà ti pa dé. Bí ó bá ní `True`, ẹ padà sí orí ráútà.

Ẹni tí ó ti ṣí i sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ti wọlé. Ẹ ṣí `Event Viewer`, kí ẹ lọ sí `Security`. Nọ́ńbà 4625 ni ìgbìyànjú tí ó kùnà. Bí ẹ bá rí i lọ́gọ̀ọ̀rọ̀ láàárín òru, pẹ̀lú orúkọ bíi `admin`, `test` àti `user` tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà yín, àwọn tí ń méfò nìyẹn. Kí ẹ má ṣe jáyà jù nítorí rẹ̀. Nọ́ńbà 4624 ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bà yín, nítorí pé òun ni ìwọlé tí ó yọrí. Inú rẹ̀ ni ẹ óò ti rí `Logon Type`. 10 ni ti `Remote Desktop`, adírẹ́sì ẹni tí ó wọlé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru tí ẹ ti sùn, láti adírẹ́sì tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣe rò pé yíyí ọ̀rọ̀ aṣínà padà ti tó. Ẹni tí ó ti wọlé lè ti dá orúkọ ìwọlé mìíràn sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹ yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ `Security` náà sórí dísíkì mìíràn kí ó tó pa rẹ́, kí ẹ sì fi Wíńdòòsì tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ti tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà, títí kan ti báńkì, ẹ yí wọn padà láti orí ẹ̀rọ mìíràn. Bí owó tàbí ìwé ẹlòmíràn bá kan ọ̀ràn náà, ẹ fi tó àwọn ọlọ́pàá Dùbáì létí ní `ecrime.ae`, pẹ̀lú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yẹn lọ́wọ́ yín.